AFP àbúrò mi ń gòkè, síkáànì sì ní kò sí nǹkan kan. Ṣé ká dúró?

Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 43, ní hẹpatáítísì B. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń lo tẹnófófíà, fáírọ́ọ̀sì kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ALT rẹ̀, èyí tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́, sì wà níbi tó yẹ kó wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ní sìróósìsì, ìyẹn ẹ̀dọ̀ tó ti yi. AFP rẹ̀, èyí tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, jẹ́ 5 lọ́dún tó kọjá, ó di 9 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di 17 báyìí. Síkáànì ní kò sí kókó kankan nínú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣé ká dúró bẹ́ẹ̀, àbí nǹkan mìíràn wà tó yẹ ká ṣe?

---

BàbáRàmọ́tà

Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ojú 20 ni AFP ti ń di ọ̀rọ̀, 17 kò sì tíì débẹ̀. Ìyẹn àkọ́kọ́. Èkejì, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti yi ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń mú. Ẹ sọ pé kò ní sìróósìsì, fáírọ́ọ̀sì ti sùn, ALT dáa. Kí lẹ tún ń wá? Ẹ jẹ́ kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó padà lọ nígbà tí wọ́n dá fún un.

---

MàmáDèjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Tèmi ju 17 lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí hẹpatáítísì B lára mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn rárá, ojú mi pọ́n bí ẹyìn, ALT mi lé ní 1,000, AFP mi sì jẹ́ 340. Mo ti ń sunkún pé ó ti parí. Wọ́n ṣe CT fún mi, wọn kò rí kókó. Wọ́n fún mi ní oògùn, bí ALT ṣe ń wálẹ̀ ni AFP náà ń wálẹ̀ tẹ̀ lé e, títí ó fi padà sí 4. Títí dòní, ara mi le. Nọ́ńbà lásán ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

---

Awòdọ̀

Iṣẹ́ síkáànì ni mò ń jẹ, ẹ̀dọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń wò lójúmọ́. BàbáRàmọ́tà, ẹ má bínú sí mi, ohun tí ẹ sọ kì í ṣe irọ́, àbọ̀ rẹ̀ ni ẹ kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ti MàmáDèjì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣí ọ̀rọ̀ náà payá láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ló máa ń ṣe AFP púpọ̀. Tí èèyàn bá ti dàgbà, ẹ̀dọ̀ kì í fẹ́ẹ́ ṣe é mọ́, àfi tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ń kú tí tuntun sì ń hù rọ́pò. Nígbà tí hẹpatáítísì bá ru sókè bíi ti màmá yìí, sẹ́ẹ̀lì ń bàjẹ́, ALT á fò sókè, àwọn tuntun tó ń hù á sì máa tú AFP sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jọ gòkè tí wọ́n sì jọ wálẹ̀. 340 náà ní ohun tó fà á, gbogbo wa sì rí i lórí ìwé.

Àbúrò Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, ALT dákẹ́, ẹ̀dọ̀ kò gbóná. Kí ló wá ń ṣe AFP náà? Lójú tèmi, 17 tó ń gòkè lára ẹ̀dọ̀ tó dákẹ́ yẹ kó kọ èèyàn lóminú ju 340 lára ẹ̀dọ̀ tó ń jóná lọ. Lára ẹni tó ń lo tẹnófófíà tàbí ẹntẹ́káfíà, tí oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́, kì í fẹ́ẹ́ sí ìdí mìíràn tí AFP fi máa ń rìn sókè. 5, 9, 17: ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín ọdún kan. 20 tí ẹ ń gbọ́ jẹ́ ààlà tí wọ́n fà kí wọ́n má baà máa rán gbogbo èèyàn lọ ṣe CT. Kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ tún má gbàgbé òdìkejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àgàgà èyí tó ṣì kéré, kì í tú AFP rárá. Nítorí náà ẹni tí AFP rẹ̀ jẹ́ 3 kò lè torí ìyẹn fi síkáànì sílẹ̀. Àwọn tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lórí àwọn tó ní sìróósìsì, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, rí i pé síkáànì nìkan ń rí nǹkan bíi 45 nínú 100 jẹjẹrẹ tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fi AFP kún un, ó di 63. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì papọ̀ náà ṣì ń ṣi nǹkan.

Ti pé ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ yi kí jẹjẹrẹ tó wọlé: òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n hẹpatáítísì B kì í tẹ̀ lé òfin yẹn. Fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń ki ara rẹ̀ bọ inú àbùdá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ bí oògùn tilẹ̀ pa èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa ní kí ẹni tó ní hẹpatáítísì B láìní sìróósìsì náà máa ṣàyẹ̀wò: láti ọdún 40 fún ọkùnrin Éṣíà, 50 fún obìnrin wọn, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, àti ẹnikẹ́ni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rí. Ẹni tó bá ní sìróósìsì kì í dúró de ọjọ́ orí kankan.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀, ẹ bá wa wo ìwé síkáànì náà dáadáa. Ẹ má wo ìparí rẹ̀ nìkan. Kí ló sọ nípa bí wọ́n ṣe rí ẹ̀dọ̀ náà sí?

---

Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe àbúrò mi, ó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́. Ó ní ẹ̀dọ̀ kò tóbi, kò ní kókó, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa. Ó wá kù díẹ̀ kó parí ló wá kọ ọ́ pé "òkè ẹ̀dọ̀ lápá ọ̀tún kò hàn dáadáa nítorí gáàsì inú àti egungun ìhà". Àbúrò mi kò mọ̀ pé ìlà yẹn wà níbẹ̀. Ó ní kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi ṣe é, òun sì ti jẹun kó tó lọ.

Ohun mìíràn: bàbá wa kú ní ẹni ọdún 51. Ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó rù kan egungun láàárín oṣù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ àìsàn náà fún wa.

---

Awòdọ̀

Ó dáa tí ẹ rí ìlà yẹn. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé a kò rí kókó níbi tí a rí. Ibi tí a kò rí, a kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Òkè ẹ̀dọ̀ lápá ọ̀tún ló máa ń fi àwa oníṣẹ́ síkáànì ṣeré jù. Abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló wà, egungun ìhà bò ó, ìró tí ẹ̀rọ wa sì ń lò kì í la egungun tàbí afẹ́fẹ́ kọjá. Tí mo bá fẹ́ rí i, mo máa ń ní kí onítọ̀hún wá láìjẹun fún wákàtí mẹ́fà. Màá ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kó gbé apá ọ̀tún sókè orí kí àlàfo àárín egungun ìhà lè ṣí. Màá ní kó mí kanlẹ̀ sínú kó sì dá a dúró, torí èémí yẹn máa ti ẹ̀dọ̀ wálẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun. Ìgbà yẹn ni màá wá ki orí ẹ̀rọ bọ àárín ìhà, màá yí i sókè, màá máa rọra gbá a káàkiri. Àwọn kan máa ń mí mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá kí n tó rí gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá ti dìde lábẹ́ ọwọ́ mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, n kò tíì wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n máa ń kọ A, B tàbí C sórí ìwé láti fi sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe hàn tó. A ni pé ó hàn kedere. C ni pé apá tó pọ̀ kò hàn, kókó lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá gba C, wọn kì í ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọ́n lè tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí CT tàbí MRI. Ìwé àbúrò yín kò ní lẹ́tà kankan, mi ò sì lè fi ìlà kan pín ibi tó bọ́ sí.

Ti bàbá yín, a kò lè sọ pé jẹjẹrẹ ni. Sìróósìsì nìkan lè ṣe gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa yìí.

Èmi kò ní dúró de oṣù mẹ́fà. CT tí wọ́n ń fi dáì ṣe, tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tàbí MRI, ni kí ẹ béèrè.

---

ỌmọLáàbù

Kí ẹ tó sáré, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Ṣé láàbù kan náà ló ṣe AFP mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ kan náà tó fún wa ní 8 lórí ẹ̀rọ kan, tó fún wa ní 11 lórí òmíràn. Tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ láàbù, apá kan nínú gígòkè yẹn lè jẹ́ ti ẹ̀rọ. 5 sí 17 ti pọ̀ jù fún ìyẹn nìkan o, mi ò sọ pé ó jẹ́ irọ́.

Ẹ tún béèrè bóyá ó ń lo fítámì irun àti èékánná tí bàíọ́tìnì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, fún AFP ó sábà máa ń fà á sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn ni pé òótọ́ rẹ̀ lè tilẹ̀ ju 17 lọ.

Ẹ tún un ṣe ní láàbù tó ṣe èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ALT ní ọjọ́ kan náà. Ẹ má sì tìtorí ìyẹn dá CT dúró.

---

Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀

Láàbù kan náà ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò lo fítámì kankan.

---

Wálé_K

Èmi rò pé gbogbo yín ń rin ọ̀nà jíjìn. AFP ń gòkè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tẹnófófíà kò ran fáírọ́ọ̀sì náà mọ́. Ẹ pa á dà sí ẹntẹ́káfíà, ẹ wò ó bóyá kò ní wálẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́

Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í síbẹ̀. AFP kì í ka fáírọ́ọ̀sì. Àyẹ̀wò HBV DNA ló ń kà á, wọ́n sì ti ṣe ìyẹn fún un, kò hàn. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dá tẹnófófíà dúró fúnra rẹ̀ lè jí hẹpatáítísì dìde, ALT á fò, AFP á tẹ̀ lé e, a ò wá ní mọ èwo ni èwo mọ́.

Oògùn yìí ń dín ewu jẹjẹrẹ kù gan-an, kì í mú un kúrò pátápátá. Kódà ẹni tí HBsAg rẹ̀, àmì fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀, ti pòórá, tó bá ti lé ní ọdún 50 kí ó tó pòórá tàbí tó ti ní sìróósìsì, a ṣì ń ní kó máa wá.

---

BàbáRàmọ́tà

Mo ti gbọ́. Ti sìróósìsì yẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé B yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: tí oṣù mẹ́fà bá léwu tó báyìí, kí ló dé tí wọn kò ní kí gbogbo èèyàn máa wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta?

---

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́

Wọ́n ti dán an wò, bàbá. Àwọn ará Faransé pín àwọn tó ní sìróósìsì, tí wọ́n ju 1,200 lọ, sí méjì: àwọn kan ń ṣe síkáànì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwọn yòókù ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Oṣù mẹ́ta rí kókó kéékèèké púpọ̀ sí i, tí wọ́n wá ń sáré tẹ̀ lé kiri, ṣùgbọ́n iye àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ wọn nígbà tó ṣeé wòsàn kò yàtọ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó di ìlọ́po méjì, oṣù mẹ́fà sì bá ìrìn rẹ̀ mu fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe fún gbogbo wọn.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ti Ṣàǹgháì, tó jáde ní 2004. Wọ́n kó èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000, ọ̀pọ̀ wọn ní hẹpatáítísì B. Wọ́n ń ṣe AFP àti síkáànì fún apá kan wọn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wá síbi àyẹ̀wò náà kò tó mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àwọn kan ṣì ń bá ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ jà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀ mú ni pé oṣù mẹ́fà wà fún ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́. AFP tó ń gòkè, síkáànì tí kò rí òkè ẹ̀dọ̀, àyẹ̀wò yẹn kò mọ́. Ó ti kúrò nínú àyẹ̀wò ìgbàdégbà, ó ti di wíwá ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ dókítà, kí ó tún ní kí wọ́n fọwọ́ kan kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ náà lè gbé AFP sókè, ọkùnrin kì í fẹ́ sọ ọ́.

---

MàmáDèjì

Mo ti rí ibi tí tèmi gbé yàtọ̀ báyìí. Mo rò pé mo ń tù wọ́n nínú ni.

---

Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀

Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà mìíràn gbà láti kọ CT. Ó tún AFP ṣe, ó jẹ́ 19, ALT jẹ́ 24. Ó ti yẹ kóró ẹpọ̀n wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé CT nìyí bí mo ṣe lè sọ ọ́: kókó kan wà ní apá kẹjọ ẹ̀dọ̀, ó jẹ́ mìlímítà 14. Ó tàn nígbà tí dáì kọ́kọ́ dé, kò sì ṣá lẹ́yìn náà. Kò ní awọ lára. Ní ìparí wọ́n kọ LR-3. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àbúrò mi kò sùn lánàá. Kí ni èyí?

---

Awòdọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́. Apá kẹjọ yẹn ni òkè ẹ̀dọ̀ lápá ọ̀tún. Ibi tí síkáànì ní òun kò rí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka CT yìí, torí òun ni dókítà yín ń wò tó fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní ọ̀nà méjì tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ̀ ọ́. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ń ti ìfun wá, ìyókù ń gba iṣan àlọ wá tààrà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ ìfun, iṣan àlọ ló máa ń fi bọ́ ara rẹ̀. Tí wọ́n bá fa dáì sí apá èèyàn, iṣan àlọ ló máa kọ́kọ́ dé, láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá 35. Bí wọ́n bá ya àwòrán nígbà yẹn, kókó tó ń fi iṣan àlọ jẹun á tàn yòò nígbà tí ẹ̀dọ̀ yòókù ṣì ṣókùnkùn. Wọ́n á tún ya á ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 70, nígbà tí dáì ti gba ìfun dé, gbogbo ẹ̀dọ̀ á wá tàn. Wọ́n á ya ẹ̀kẹta lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta sí márùn-ún. Kókó jẹjẹrẹ á ti tú dáì tirẹ̀ dànù nígbà yẹn, á wá dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni ṣíṣá tí ìwé yín ní kò sí.

Ká ní ó tàn tó sì tún ṣá ni, ní mìlímítà 14 yìí, lára ẹni tó ní hẹpatáítísì B, LR-5 ni wọn ì bá kọ. Wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ bíi jẹjẹrẹ láìfi abẹ́rẹ́ bù ú wò rárá. Títàn nìkan kò tó. Ibi tí iṣan àlọ àti iṣan ìfun bá ti ta kókó mọ́ra wọn, dáì lè sáré gbabẹ̀, ó lè tàn bíi kókó, bẹ́ẹ̀ kò sí kókó níbẹ̀. Kókó tí kò léwu náà lè tàn. LR-3 ni pé ó wà láàárín méjì.

---

BàbáRàmọ́tà

Kí ló wá dé tí wọn kò fi abẹ́rẹ́ bù ú kí ọ̀rọ̀ tán? Ẹran ara kì í purọ́.

---

DókítàInú

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀. Bàbá, ẹran ara kì í purọ́ tí abẹ́rẹ́ bá kan ibi tó yẹ. Kókó mìlímítà 14 lábẹ́ òkè ẹ̀dọ̀, tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú gbogbo èémí, tí síkáànì lásán kò tilẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe fẹ́ fi abẹ́rẹ́ lé e? Tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á kọ ọ́ pé kò sí jẹjẹrẹ, gbogbo èèyàn á fọkàn balẹ̀ lórí èké. Ẹ̀dọ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà sì lè tẹ̀ lé ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀.

Èmi á kọ́kọ́ ṣe MRI, pẹ̀lú dáì tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra wọn máa ń gbà wọlé. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀dọ̀ gidi á ti mu ún, á tàn. Ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ kò ní sẹ́ẹ̀lì tó lè mu ún mọ́, á dúró bí ihò dúdú láàárín ìmọ́lẹ̀. Tí ohun tó tàn lórí CT bá jẹ́ ìtakókó iṣan lásán, kò ní sí ihò níbẹ̀.

Tí MRI náà kò bá pinnu, wọ́n á tún un yà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n á sì máa ṣọ́. Tó bá fi ìdajì tóbi sí i láàárín oṣù mẹ́fà, ìyẹn láti 14 sí 21, tí títàn rẹ̀ ṣì wà, kò tún ku LR-3 mọ́. Nítorí AFP yẹn, èmi ò ní jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ síwájú ìpàdé àwọn oníṣẹ́ abẹ, oníṣègùn ẹ̀dọ̀ àti àwọn tó ń ka àwòrán.

---

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́

Dókítà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí AFP rẹ̀ bá ń gòkè báyìí pẹ̀lú kókó tó ń tàn, wọ́n á gbìyànjú abẹ́rẹ́ lábẹ́ CT. Mo ti rí èyí tó jáde ní jẹjẹrẹ. Mo sì ti rí èyí tí wọ́n bù lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò rí nǹkan kan, tó wá tóbi ní oṣù kẹrin.

---

DókítàInú

Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́. N kò sọ pé àwọn tó ń bù ú ń ṣe é lódì. Lórí 14 níbi tó wà yìí, MRI ni màá kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó dáa ni pé bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ náà, ẹ̀dọ̀ tí kò yi ṣeé gé apá kan kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì tún lè fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó kókó tó kéré báyìí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wọn líle ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rí. "Wọn kò sọ pé ó ní sìróósìsì" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "wọ́n wò ó, kò ní".

---

Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀

Wọn kò wọ̀n ọ́n rí. Màá béèrè. MRI di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣé o, gbogbo yín, mi ò lè dúpẹ́ tán.

---

MàmáDèjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Tí bàbá kan náà àti ìyá kan náà ló bí yín, ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín ti kó o láti kékeré. Ṣé wọ́n ti yẹ HBsAg tiyín wò?

---

Ẹ̀gbọ́nTáyọ̀

Rárá o. Ẹni ọdún 49 ni mí, mi ò sì ní àìsàn kankan.

---

Awòdọ̀

Ẹ lọ ṣe é lọ́la, ẹ má dúró de MRI àbúrò yín. Tí HBsAg bá jáde pé ó wà, ẹ ti wà lójú ọjọ́ orí tí síkáànì àti AFP kan yín. Ẹ wá láìjẹun, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń ṣe é kọ bí òkè ẹ̀dọ̀ ṣe hàn sórí ìwé. Fún àbúrò yín, ẹ gba àwòrán CT náà lórí díìsìkì, kí ẹ gbé e lọ síbi MRI. Ẹni tó máa kà á nílò láti fi méjèèjì síwájú ara wọn, ìwé nìkan kò ní tó o.